Iṣẹ́ Asọ̀tàn nínú Fíìmù Ìtàn-Gidi: Ta ni ‘Wọ́n’?

Ìfáàrà

Asọ̀tàn inú ìwé ìtàn-àròsọ kì í ṣe àjèjì sí wa. Ó pẹ́ tí a ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín asọ̀tàn arínúróde àti asọ̀tàn tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá-ìtàn. Asọ̀tàn mìíràn wà tí a kò tíì fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò, èyí ni ẹni tí a ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fíìmù tí ó dá lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní dọkumẹ́ńtárì. Fíìmù ìtàn-gidi ni a ó máa pè é nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà kàn wá ni pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń ṣe irú fíìmù bẹ́ẹ̀ báyìí. Fóònù tí ó wà lọ́wọ́ wọn tó o ya àwòrán, ó sì tó o gba ohùn sílẹ̀. Olùkọ́ Yorùbá ni wọ́n sì ń gbé ìwé ọ̀rọ̀ fíìmù náà wá fún pé kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì fún un ní máàkì. Bí a ti ń ṣe é ni pé a ń ka ọ̀rọ̀ asọ̀tàn bí ẹni ń ka àròkọ: bí èdè bá dùn, tí òwe àti àfiwé sì pọ̀ níbẹ̀, máàkì a gòkè. Èrò tiwa ni pé ọ̀nà yìí kò bá iṣẹ́ náà mu. Asọ̀tàn inú fíìmù kì í dá sọ̀rọ̀. Ohùn mẹ́ta ni ó ń pín àsìkò láàárín ara wọn, àwọn náà ni ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí, fíìmù àtijọ́, àti ọ̀rọ̀ asọ̀tàn tí ó so wọ́n pọ̀. Ohun tí àwọn méjì àkọ́kọ́ kò lè sọ ni asọ̀tàn wà fún. Nínú èdè Yorùbá, ohun tí wọn kì í lè sọ jù lọ ni ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀, àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Gírámà èdè wa ni ó fà á, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi jẹ́ ti olùkọ́ èdè kí ó tó jẹ́ ti ayàwòrán.

A ó lo ọ̀rọ̀ mẹ́ta léraléra. Ègé-ọ̀rọ̀ ni ìwọ̀nba tí a gé jáde nínú ohun tí ẹlẹ́rìí sọ nígbà tí a fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ọ̀rọ̀ àsopọ̀ ni ohun tí asọ̀tàn sọ láti mú wa kúrò nínú abala kan bọ́ sí òmíràn. Àmì-ìpè ni àkíyèsí tí a kọ sínú ìwé ọ̀rọ̀ fíìmù láti fi hàn pé ibí ni fíìmù àtijọ́ kan yóò ti wọlé, iye ìṣẹ́jú-àáyá tí yóò lò, àti ohun tí a ó ṣe sí ohùn inú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí a ó lò

Kí ọ̀rọ̀ má baà wà lófuurufú, a ó mú fíìmù kúkúrú kan tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe lórí àsíá Nàìjíríà. Ìtàn rẹ̀ kò ṣòro. Ọmọ bíbí Ìbàdàn ni Táíwò Akínkúnmi, ẹni tí ó ya àsíá náà. Ní ọdún 1936 ni a bí i. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ó jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ó rí ìkéde nínú ìwé ìròyìn pé a ń wá ẹni tí yóò ya àsíá fún orílẹ̀-èdè tí ó fẹ́ gba òmìnira. Ó ya tirẹ̀, ó fi ránṣẹ́, òun ni wọ́n sì mú. Nínú èyí tí ó yà, oòrùn pupa kan wà láàárín apá funfun, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ ìdíje náà yọ oòrùn yìí kúrò, wọ́n sì fi àwọ̀ ewé, funfun, àti àwọ̀ ewé sílẹ̀ bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Ní òru ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án mọ́ ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960 ni a ta àsíá náà ní pápá eré ẹṣin ní Èkó, ibi tí a ń pè ní Táfáwà Bàléwà Síkúéà lónìí. Akínkúnmi kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, nítorí náà a kò lè bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọdé ní ọdún 1960 ni ó kù tí a lè bi léèrè.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ wa bá ìyá kan sọ̀rọ̀, tí ó jẹ́ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì, tí ó sì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún náà. Àwa ni a fi ọwọ́ ara wa hun ọ̀rọ̀ ìyá yìí fún àlàyé, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba ohùn àgbàlagbà sílẹ̀ rí yóò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀:

(1) Wọ́n ti kó wa jọ láti àárọ̀. Wọ́n ní kí a wọ aṣọ funfun. Bàbá wa ò tiẹ̀ fẹ́ kí n lọ, wọ́n ní òjò á rọ̀. Wọ́n wá fún wa ní ife, wọ́n fún wa ní àsíá pẹlẹbẹ. Mo gbé àsíá yẹn délé, bàbá wa gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n wò ó, wọ́n wò ó, wọ́n ní, “Òfìfo ni àárín rẹ̀.”

Ta ni ‘wọ́n’?

Bí a bá ka ‘wọ́n’ tí ó jẹ́ olùwà nínú (1), a ó rí i pé wọ́n pé mẹ́jọ. Mẹ́rin nínú wọn ń tọ́ka sí àwọn olùkọ́, tàbí àwọn aláṣẹ ilé-ìwé, tí wọ́n pọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Mẹ́rin yòókù ń tọ́ka sí bàbá, tí ó jẹ́ ẹyọ ẹni kan, ṣùgbọ́n tí ọmọ kò gbọdọ̀ pè ní ‘ó’. Ọ̀kan náà ni arọ́pò-orúkọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn àti fún àgbà kan. Ẹni tí ó jókòó níwájú ìyá náà kò ní ìṣòro, nítorí pé ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sì ń wo ojú àti ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà tí a bá mú ọ̀bẹ ni wàhálà dé.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá péré fún ègé-ọ̀rọ̀ yìí. Ó wò ó, ó rí i pé gbólóhùn tí ó dùn jù ni èyí tí ó gbẹ̀yìn. Ó fẹ́ ife àti àsíá náà pẹ̀lú, nítorí pé ó ní àwòrán ife kan tí ó lè fi hàn. Ó gé e báyìí:

(2) Wọ́n wá fún wa ní ife, wọ́n fún wa ní àsíá pẹlẹbẹ. Wọ́n wò ó, wọ́n wò ó, wọ́n ní, “Òfìfo ni àárín rẹ̀.”

Kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Gbogbo ohun tí ó wà nínú (2) ni ìyá náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Síbẹ̀, ohun tí olùgbọ́ yóò gbọ́ ni pé àwọn tí wọ́n fún ọmọ ní àsíá ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì sọ pé òfìfo ni. Bàbá ti kúrò nínú ìtàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti di ti olùkọ́ tàbí ti ìjọba. Bí ìyá náà bá wo fíìmù yìí níwájú àwọn ọmọ rẹ̀, kò ní lè sọ pé òun kò sọ bẹ́ẹ̀, kò sì ní lè sọ pé òun sọ bẹ́ẹ̀. Ní èdè tí ó bá ní arọ́pò-orúkọ ọ̀tọ̀ fún ẹyọ ọkùnrin kan, àṣìṣe yìí ì bá ti hàn sí etí lójú ẹsẹ̀. Nínú Yorùbá kì í hàn, ó ń yọ́ wọlé ni.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà tún un ṣe, ọ̀kan sì sàn ju èkejì lọ. Èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ dára ni kí asọ̀tàn wọ àárín ọ̀rọ̀ náà, kí ó ní, “Nígbà tí ó dé ilé, bàbá rẹ̀ wo àsíá náà.” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó gba bàbá kúrò lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Èyí tí ó dára ni kí a dá gbólóhùn kan padà sínú ègé-ọ̀rọ̀ náà, “Mo gbé àsíá yẹn délé, bàbá wa gbà á lọ́wọ́ mi,” kí a sì fi ọ̀rọ̀ àsopọ̀ tí ó ṣáájú gbin àwọn olùkọ́ sí olùgbọ́ lọ́kàn, kí ‘wọ́n’ àkọ́kọ́ lè rí ibi gbé ẹsẹ̀ lé. Nípa báyìí ‘wọ́n’ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀-orúkọ tirẹ̀ nítòsí. Asọ̀tàn pèsè ọ̀kan, ẹlẹ́rìí pèsè èkejì.

Ó yẹ kí a fi kún un pé ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò gan-an ni a ti lè dènà ìpín púpọ̀ nínú ìṣòro yìí. A kì í sábà fi ohùn abéèrè sínú fíìmù. Bí abéèrè bá bi ìyá náà pé, “Kí ni bàbá yín sọ?”, èsì tí yóò wá ni “Wọ́n ní òfìfo ni àárín rẹ̀.” Bí a bá yọ ìbéèrè, bàbá bá a lọ. Kí a tó tan ẹ̀rọ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀ wọ́n pé, “Ẹ dákun mà, a kò ní fi ohùn tiwa sí i. Ẹ bá wa máa fi orúkọ ẹni tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.” Bí a bá ti sọ ọ́ ṣáájú, kì í ṣe ìwà àìlọ́wọ̀. Ìdádúró láàárín ọ̀rọ̀ ni àgbàlagbà kì í fẹ́.

Ibi tí ọ̀bẹ lè gbà

Gígé ọ̀rọ̀ Yorùbá ní ìṣòro mìíràn tí kò hàn lórí ìwé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ̀rọ̀ ìyá náà sílẹ̀, yóò kọ “Mo gbé àsíá yẹn”, yóò sì rò pé òun lè gé e lẹ́yìn ‘gbé’ kí òun mú “àsíá yẹn” nìkan. Ẹnu kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ ni “gbásíá”. Fáwẹ̀lì ‘gbé’ ti pa jẹ, kò sì sí àlàfo kankan láàárín ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ tí ọ̀bẹ lè gbà kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni “délé” rí. Ibi tí ìpajẹ tàbí àrànmọ́ bá ti ṣẹlẹ̀, kí a má gé ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ibi tí ẹlẹ́rìí ti mí ni kí a wá.

Ti ohùn náà wà níbẹ̀. A mọ̀ pé nínú gbólóhùn ìsọ, sílébù tí ó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó jẹ́ olùwà máa ń gòkè kí ó tó kan ọ̀rọ̀-ìṣe, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbọ́ ‘ọmọ́ lọ’ nígbà tí a kọ ‘ọmọ lọ’. Bí a bá yọ olùwà bẹ́ẹ̀ kúrò níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀, kí a fi parí gbólóhùn mìíràn, ohùn rẹ̀ yóò so rọ̀ sókè bí ẹni tí a já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Etí ọmọ Yorùbá yóò mọ̀ pé nǹkan ṣe é, àní bí kò tilẹ̀ lè sọ ohun tí ó jẹ́. Ó tọ́ kí olùkọ́ pa ojú dé nígbà tí ó bá ń yẹ irú ibi bẹ́ẹ̀ wò, nítorí pé ìwé tí a kọ ọ̀rọ̀ sí kò lè fi hàn án.

Fíìmù àtijọ́ àti ọ̀rọ̀ ìgbà

Ẹ jẹ́ kí a bọ́ sí fíìmù àtijọ́. Àwọn oníròyìn ya òru òmìnira náà, àti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì nígbà tí Ọmọba Alẹkisáńdírà, tí ó wá ṣojú fún Ọbabìnrin Ẹlísábẹ́ẹ̀tì Kejì, gbé ìwé òfin lé Olórí Ìjọba Táfáwà Bàléwà lọ́wọ́. Jọ̀wọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe da òru pọ̀ mọ́ òwúrọ̀. Ọ̀tọ̀ ni títa àsíá, ọ̀tọ̀ ni gbígba ìwé.

Gbólóhùn tí ó máa ń wá sí asọ̀tàn lẹ́nu bí ó bá rí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ nìyí:

(3) Àwọn ènìyàn ń yọ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni ó wà lọ́rùn (3). Èkíní, ojú ti rí i. Èkejì, ‘ń’ kò sọ ìgbà. A kò fẹ́ dá sí àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ gírámà lórí bóyá àsìkò wà nínú èdè Yorùbá gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú àwọn èdè mìíràn. Ohun tí gbogbo wa gbà ni pé ‘ń’ ń fi hàn pé ìṣe náà kò tíì parí. Ó lè jẹ́ lánàá, ó lè jẹ́ nísinsìnyí. Bí àwòrán tí ó tẹ̀ lé fíìmù àtijọ́ bá jẹ́ ti ayẹyẹ ìrántí òmìnira tí akẹ́kọ̀ọ́ fi fóònù yà ní ọdún tí ó kọjá, tí asọ̀tàn sì tún wí pé “Àwọn ọmọ ń yan”, ìgbà méjèèjì ti di ọ̀kan létí olùgbọ́. Orin pàápàá kò lè yà wọ́n mọ́. Orin orílẹ̀-èdè tí a ń kọ láti ọdún 1960 di ọdún 1978 ni ìjọba tún dá padà ní oṣù karùn-ún ọdún 2024. Ní ìgbà tí a fi gbà á kúrò, ẹni tí ó bá gbọ́ ọ nínú fíìmù yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ọmọ òde òní kò ní ìrànlọ́wọ́ yẹn. Nítorí náà asọ̀tàn ni yóò dárúkọ ìgbà, kí ó sì dárúkọ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù àtijọ́ náà, kì í ṣe ní ìparí rẹ̀.

Bí yóò ṣe ka ọdún náà tún jẹ́ ìṣòro díẹ̀. “Òjìdínlẹ́gbàá” tọ̀nà, sílébù mẹ́fà péré ni, àwa olùkọ́ a sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olùgbọ́ ti ń yọ ogójì kúrò nínú ẹgbàá lọ́kàn rẹ̀ ni àwòrán ń sá lọ. Ó sàn kí a kọ 1960 sí ìsàlẹ̀ àwòrán fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, kí asọ̀tàn sì wí pé “òru tí Nàìjíríà gba òmìnira”.

Ohun kan wà tí fíìmù àtijọ́ kò lè sọ rárá bí ó bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú àti funfun. Àsíá aláwọ̀ ewé yóò hàn gẹ́gẹ́ bí aláwọ̀ eérú. Ìtàn tí a ń sọ sì jẹ́ ìtàn àwọ̀. Ibí ni asọ̀tàn ti ní iṣẹ́ gidi láti ṣe, nítorí pé ojú ń wò ó kò sì rí i.

Ohùn inú fíìmù àtijọ́ ń kọ́? Àwọn fíìmù ìròyìn ìgbà náà sábà máa ń ní akéde tiwọn, tí ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ohùn rẹ̀ sì ti wọ inú orin àti ariwo fíìmù tí a kò fi lè yọ ọ́ lọ́tọ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ tí asọ̀tàn wa sì ń sọ̀rọ̀ lé e lórí, asọ̀tàn méjì ni ó ń jà. Yálà kí a pa ohùn fíìmù náà pátápátá, kí ojú nìkan ṣiṣẹ́, tàbí kí a jẹ́ kí akéde náà sọ gbólóhùn kan tán, kí a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí asọ̀tàn sì sọ ẹni tí ó jẹ́. Akéde yẹn pẹ̀lú jẹ́ ẹlẹ́rìí, ó ń sọ bí àwọn tí ó rán an níṣẹ́ ṣe fẹ́ kí a rí òru náà. Nítorí náà kí àmì-ìpè má ṣe jẹ́ “fíìmù òmìnira” lásán. Kí ó sọ ibi tí fíìmù ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí ó parí sí, àti ohun tí a ó ṣe sí ohùn rẹ̀.

Kíka sílébù

Ìwọ̀n wo ni ọ̀rọ̀ àsopọ̀ yẹ kí ó ní? Àwọn oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì máa ń ṣírò ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìṣírò yìí kò wúlò fún wa, nítorí pé ‘ó’ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, ‘alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀’ náà sì jẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Sílébù ni kí a kà. Kí ẹni tí yóò jẹ́ asọ̀tàn ka ojú ìwé kan sókè ní ohùn pẹ̀lẹ́, kí ẹlòmíràn mú aago, kí a wá fi iye ìṣẹ́jú-àáyá pín iye sílébù. Oníkálukú ní iye tirẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa a ó gbà pé asọ̀tàn ń ka sílébù mẹ́rin ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lẹ́yìn èyí, kí a má ṣe kún fíìmù àtijọ́ dé etí. Ó yẹ kí nǹkan bí ìdá mẹ́rin rẹ̀ dákẹ́, kí ojú lè rí àyè.

Abala náà pátá

Bí a bá fi gbogbo èyí sílò, abala àsíá náà yóò rí báyìí. Nínú ìwé ọ̀rọ̀ fíìmù, apá òsì ni a ń kọ àwòrán sí, apá ọ̀tún ni a ń kọ ohùn sí. A kọ wọ́n tẹ̀ lé ara wọn níhìn-ín nítorí àyè.

(4) ÀWÒRÁN: Fíìmù àtijọ́, dúdú àti funfun, òru ní pápá eré ẹṣin. Ìṣẹ́jú-àáyá 16. A kọ “Èkó, 1960” sí ìsàlẹ̀. Ohùn akéde Gẹ̀ẹ́sì: a pa á.
ASỌ̀TÀN: Èkó nìyí, ní òru tí Nàìjíríà gba òmìnira. Àwọ̀ ewé ni ohun tí ó dà bí eérú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àsíá yìí.

ÀWÒRÁN: Ìyá náà jókòó, kò tíì sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 10.
ASỌ̀TÀN: Ní Ìbàdàn, ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyá yìí. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ kó wọn jọ.

ÀWÒRÁN: Ìyá náà. Ìṣẹ́jú-àáyá 17.
ẸLẸ́RÌÍ: Wọ́n wá fún wa ní ife, wọ́n fún wa ní àsíá pẹlẹbẹ. Mo gbé àsíá yẹn délé, bàbá wa gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n wò ó, wọ́n wò ó, wọ́n ní, “Òfìfo ni àárín rẹ̀.”

ÀWÒRÁN: Ojú ìyá náà, ìṣẹ́jú-àáyá 3. Kò sí ohùn. Lẹ́yìn náà àsíá ti òde òní, ìṣẹ́jú-àáyá 14.
ASỌ̀TÀN: Nínú èyí tí Táíwò Akínkúnmi fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, oòrùn pupa kan wà láàárín. Àwọn adájọ́ yọ ọ́.

Ìṣẹ́jú kan ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àsopọ̀ kìíní jẹ́ sílébù 44, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 11 nínú 16. Ohun mẹ́ta ni ó sì ṣe: ó dárúkọ ibi, ó dárúkọ ìgbà, ó sọ àwọ̀ tí ojú kò rí. Kò sọ pé àwọn ènìyàn ń yọ̀. Èkejì ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń fò dá, ó mú wa kúrò ní Èkó. Bí kò bá sí “Ní Ìbàdàn”, olùwò yóò gbà pé inú ogunlọ́gọ̀ òru yẹn ni ọmọ náà ti gba àsíá rẹ̀, fíìmù yóò sì ti fi í sí ibi tí kò dé. Ọ̀rọ̀ àsopọ̀ yìí kan náà ni ó gbin àwọn olùkọ́ tí ‘wọ́n’ yóò tọ́ka sí. Kò dárúkọ ife tàbí àsíá, nítorí pé ti ìyá náà ni wọ́n.

Ẹ̀kẹta ni ó fa àríyànjiyàn jù nígbàkígbà tí mo bá kọ irú rẹ̀ sójú pátákó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a fẹ́ kí oòrùn pupa ṣáájú ọ̀rọ̀ bàbá, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ènìyàn. Bí ó bá ṣáájú, ọ̀rọ̀ bàbá yóò di àkọ́sórí lásán, a ti mọ ìdáhùn kí a tó gbọ́ àlọ́. Bí ó bá tẹ̀lé e, olùwò fúnra rẹ̀ ni yóò padà lọ gbé ọ̀rọ̀ bàbá wò. Àwọn mìíràn a fẹ́ kí asọ̀tàn wí pé, “Bàbá yìí kò mọ̀ pé oòrùn kan ti wà níbẹ̀ rí.” Gbólóhùn dáadáa ni, bí ó bá ti jẹ́ inú ìtàn-àròsọ. Asọ̀tàn arínúróde ni ó lè mọ ohun tí bàbá mọ̀ àti ohun tí kò mọ̀. Asọ̀tàn fíìmù ìtàn-gidi kò lè wọ inú ẹnikẹ́ni. Bàbá lè ti ka ọ̀rọ̀ oòrùn náà nínú ìwé ìròyìn, a kò sì bi ọmọ rẹ̀. Ohun tí a lè fi ẹ̀rí gbè lẹ́yìn ni pé oòrùn wà, àti pé a yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ sí àwọn tí ń fún ni ní máàkì

Bí olùkọ́ bá fẹ́ mọ̀ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ó yẹ, kí ó fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ asọ̀tàn, kí ó ka àwọn ègé-ọ̀rọ̀ nìkan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí a bá ṣì lè rí egungun ìtàn náà, ẹlẹ́rìí ni ó kọ́kọ́ gbọ́, ó wá fi asọ̀tàn dí àlàfo. Bí a kò bá rí nǹkankan àfi “Bẹ́ẹ̀ ni” àti “Inú wa dùn gan-an”, àròkọ ni ó kọ́kọ́ kọ, ó wá kó ènìyàn wá ṣe ọ̀ṣọ́ sí i. Lẹ́yìn èyí kí ó bo ègé-ọ̀rọ̀, kí ó ka ti asọ̀tàn. Ibi tí asọ̀tàn bá ti sọ ohun tí ẹlẹ́rìí tún sọ, kí ó fa ìlà sí i lábẹ́, kí ó sì yọ máàkì níbẹ̀, àní bí gbólóhùn asọ̀tàn bá dùn ju ti ẹlẹ́rìí lọ. Ìyẹn gan-an ni ó ń ṣòro fún wa, nítorí pé adùn ni a ti mọ́ lára láti máa fún ní máàkì.

Kí ó wá wá gbogbo ‘ó’ àti ‘wọ́n’ tí ó bẹ̀rẹ̀ ègé-ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó bèèrè pé ta ni. Bí ìdáhùn kò bá sí nínú ọ̀rọ̀ àsopọ̀ tí ó ṣáájú tàbí nínú ègé-ọ̀rọ̀ náà, kí ó béèrè ohùn tí a gbà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀ kí ó tó kọ máàkì kankan. Ní ti ọ̀rọ̀ àsopọ̀ tí kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ, bí i “Ní Ìbàdàn” tí ó dá dúró lórí àwòrán òrùlé ilé, mo ti rí olùyẹ̀wò tí ó kọ “Kò tó” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ibi nìkan ni ohun tí olùwò kò mọ̀, ó tó.